Ọ̀rọ̀ ìṣíde ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ eré ìdárayá: kí ni mo máa sọ tí ọmọ tí kò lè sáré á fi jáde?

Ọ̀gá Tuntun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọdún yìí ni mo di ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní agbègbè Òkè-Ògùn. Oṣù tó ń bọ̀ la máa ṣe eré ìdárayá láàárín ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a ní: Pupa, Búlúù, Yẹ́lò àti Gíríìnì. Èmi ni mo máa sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́ta ní kíláàsì kẹrin wọ aṣọ ilé wọn wá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, wọn ò jáde sórí pápá. Wọ́n ní wọ́n á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kíkópa ju gbígba ipò kìíní lọ. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́, báwo ló sì ṣe yẹ kó gùn tó?

Màmá Fẹ̀yìntì

Ọ̀gá, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Ọdún 12 ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, ìlú mẹ́ta ni wọ́n sì gbé mi dé. Òótọ́ ni kí n sọ fún yín: ọ̀rọ̀ ìṣíde tí mo kọ lọ́dún àkọ́kọ́ kò dé etí ọmọ kankan. Àwọn tó jókòó lábẹ́ kánópì ni mo kọ ọ́ fún. Àwọn ọmọ tí mo ń dárúkọ nínú rẹ̀ ti wà nínú oòrùn láti aago mẹ́jọ, wọ́n ti yan kọjá níwájú àlejò, ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n, ọ̀rọ̀ mi sì lé ní ìṣẹ́jú 15.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Ẹ kà á sókè nílé, kí ẹ fi aago sí i. Lórí pápá, ojú ni ẹ máa fi mọ̀ bó bá ti gùn jù. Àwọn tó tò sí ẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe àwọn ti iwájú. Àwọn ti iwájú ń bẹ̀rù yín, wọn ò ní mira. Bí àwọn ti ẹ̀yìn bá ti ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, tí wọ́n ń fa aṣọ ara wọn, ẹ gé e níbẹ̀.

Ẹ má sọ fún wọn pé ipò kìíní kò já mọ́ nǹkan kan. Kọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì, gbogbo wọn ti rí i. Àwọn tó mọ eré sá ti ń jí ní ìdájí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọ̀gá bá ní kọ́ọ̀pù yẹn kì í ṣe nǹkan kan láàárọ̀, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ilé tó gbà á nírọ̀lẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dénú ọ̀gá. Ẹ yin àwọn tó ń sáré. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ nǹkan kan tí ọmọ tó kù náà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ mi padà rèé. Lọ́dún kan, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí wọ́n fi eérú fà níbi tí eré parí sí. Tíṣà méjì di òwú mú, àwọn mẹ́ta mìíràn ń mú ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Bí ẹni kẹta ṣe dé báyìí, gbogbo wọn yí padà, wọ́n lọ bá ẹni tó ń kọ orúkọ. Òwú ti wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣì ń bọ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹ̀yìn àwọn tíṣà ló bá níbẹ̀. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó kí i, ó bá rọra gba ẹ̀yìn kánópì lọ. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo sọ ọ́ lórí gbohùngbohùn pé gbogbo ọmọ ló ṣe pàtàkì.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, mo ti máa ń yan tíṣà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba ọmọ tó bá kẹ́yìn. Kò ní kọ orúkọ, kò ní di òwú mú. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣíde ni mo ti máa ń pè é kó na ọwọ́ sókè kí àwọn ọmọ rí i. Ohun tí ẹ bá ti ṣètò sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣèlérí lórí gbohùngbohùn, Ọ̀gá.

Tíṣà Eré

Ọ̀rọ̀ Màmá dùn mọ́ mi nínú. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, mo sì fẹ́ fi méjì kún un. Èkíní, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí Coubertin sọ nígbà tó dá Òlíḿpíìkì sílẹ̀ lọ́dún 1896 bẹ̀rẹ̀, pé kì í ṣe bíborí ló ṣe pàtàkì jù, kíkópa ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èkejì, ẹ fagi lé ipò pátápátá. Ẹ̀bùn kan náà ni kí gbogbo ọmọ gbà, kí ẹ má kéde ẹni tó ṣe kìíní. Bí ìyẹn bá ti rí bẹ́ẹ̀, ta ló máa fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́?

Ọmọ Ìtàn

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n tún ọdún yẹn ṣe, kí Ọ̀gá má baà sọ ọ́ báyìí níwájú àlejò. Ọdún 1908 ni, nígbà Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Bíṣọ́ọ̀bù ará Amẹ́ríkà kan, Ethelbert Talbot, ló wàásù nínú kàtídírà St Paul's lóṣù kéje ọdún náà, ó ní Eré fúnra rẹ̀ ju ìje àti ẹ̀bùn lọ. Ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, Coubertin mẹ́nu ba ìwàásù yẹn nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ni gbólóhùn náà ti tàn kálẹ̀. Gbogbo èèyàn ló wá ń fi orúkọ Coubertin pè é.

Mo mọ̀ pé inú oòrùn kọ́ ni èèyàn ti ń ṣàlàyé èyí fún ọmọ kíláàsì kejì. Bí Ọ̀gá bá fẹ́ ìtàn, èyí tí ọmọ lè fojú inú rí ni kí ẹ mú. John Stephen Akhwari, ará Tanzania, sá eré ọ̀nà jíjìn ní Mẹ́síkò lọ́dún 1968. Ó ṣubú lọ́nà, orúnkún rẹ̀ fara pa. Wọ́n fi báńdéèjì dì í, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Nígbà tó máa fi wọ pápá, ilẹ̀ ti ṣú, ó ti lé ní wákàtí kan tí ẹni tó ṣe kìíní ti dé. Àwọn 75 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn 57 ló parí, òun ló ṣe ipò 57. Ṣé ẹ rí i, àwọn 18 ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn ò dé rárá.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, kí n sọ tèmi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Kẹ́hìndé mi kò gùn tó òsì, àtìgbà tí mo ti bí i ni. Ó ń rìn, ó ń gun kẹ̀kẹ́, kò kàn lè sáré bíi Táyé ni. Ní ilé-ìwé tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ọ̀gá wọn sọ ọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ eré ìdárayá. Ó ní gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ti borí. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí Kẹ́hìndé mi tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó máa bu omi fún àwọn tó ń sáré. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un láti aago mẹ́wàá títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Nígbà tá à ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé èmi náà wà nínú gbogbo ọmọ tí ọ̀gá ń sọ?" Títí di òní mi ò mọ èsì tí mo fún un.

Tíṣà Eré, wọ́n pín ẹ̀bùn kan náà fún gbogbo wọn lọ́jọ́ náà o. Ìwé kíkọ kan àti bírò kan. Táyé fi tirẹ̀ sínú báàgì. Kẹ́hìndé fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí àga.

Alága Òbí-àti-Olùkọ́

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Lójú tèmi, ohun tó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ ìṣíde ni ìkíni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣàṣìṣe. Kábíyèsí ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, lẹ́yìn náà alága ọjọ́ náà, àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, àwọn bàbá àti ìyá ìsàlẹ̀ ayẹyẹ, àwọn àlùfáà àti ààfáà, kí ẹ tó kan àwọn òbí. Ẹ má fo ẹnì kankan. Ẹ sì sọ ti òrùlé kíláàsì tó ń jò, torí ọjọ́ yẹn nìkan ni àwọn olówó ìlú máa jókòó sójú kan. Mo ti ṣe alága ẹgbẹ́ òbí-àti-olùkọ́ fún ọdún mẹ́fà, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀gá Tuntun

Alága, ẹ ṣeun, sà. Màá gbé ti òrùlé fún ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ òbí, torí ti àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fi ìṣẹ́jú tèmi sọ.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé wọ̀ mí lára. A ní ọmọ kan báyìí náà ní kíláàsì kejì, mi ò tíì ronú kan ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ náà.

Màmá, mo kọ díẹ̀ lálẹ́ àná. Ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ wa ọ̀wọ́n, inú mi dùn jọjọ láti kí yín káàbọ̀ síbi ayẹyẹ alárinrin yìí. Eré ìdárayá ṣe pàtàkì fún ìlera ara àti ọpọlọ. Ó ń kọ́ wa ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ìfaradà àti ìwà ọmọlúàbí. Mo rọ gbogbo ẹ̀yin ọmọ láti kópa tọkàntọkàn, torí pé ẹni tó kópa ti borí. Kí ẹni tó bá dára jù borí."

Màmá Fẹ̀yìntì

Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn lọ́la, wọ́n á kà á láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Kò sí pápá yín nínú rẹ̀, kò sí àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Ẹ tún wo ìparí rẹ̀: ẹ ní ẹni tó kópa ti borí, ẹ wá ní kí ẹni tó dára jù borí. Ọmọ tó ń bẹ̀rù á mú èyí tó kẹ́yìn lọ sílé.

Bó bá jẹ́ èmi ni, báyìí ni màá ṣe sọ ọ́. Ẹ fi orúkọ àwọn tíṣà yín sí i, kí ẹ sì yọ èyí tí kò bá yín mu:

"Kábíyèsí, alága wa, gbogbo ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wá, ẹ káàbọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀.

Ilé Pupa, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Búlúù ń kọ́? Yẹ́lò? Gíríìnì?

Mo rí àwọn tó ń sáré yí pápá yìí ká ní ìdájí. Ẹ kú iṣẹ́. Kọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì yẹn dára, ẹni tó bá gbà á, ó tọ́ sí i.

Mo tún rí àwọn tí àyà ń já báyìí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìlà eérú tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ wo tíṣà tó na ọwọ́ sókè níbẹ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ óò fi dé. Bó o bá ṣubú, dìde. Bó ò bá lè sáré mọ́, máa rìn. Tíṣà ń dúró dè ọ́, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì kọ orúkọ ilé rẹ sílẹ̀, torí pé ẹni tó bá dé ìlà yẹn ti mú máàkì wá fún ilé rẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló kẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wòran, iṣẹ́ tiyín rèé. Bí ẹni kìíní bá dé, ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ má tíì jókòó. Ẹ dúró kí ẹni kẹrin dé, kí ẹ tún pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ pàtẹ́wọ́ kí n gbọ́!

Ó ti tó. Ẹ lọ gba omi mu. Eré ti bẹ̀rẹ̀."

Yorùbá ni kí ẹ fi sọ ọ́. Bí àlejò tí kò gbọ́ èdè wa bá wà níbẹ̀, ẹ fi gbólóhùn méjì kí i lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpàtẹ́wọ́ tí ẹ ní kí wọ́n dán wò yẹn, ẹ má yọ ọ́ o. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan á rántí láti tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì, kò sí ìdí tí wọ́n fi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Nínú ìfakùn, ẹni tó wúwo tó sì lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Eré ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ṣíbí, ẹni tó bá sáré jù ni ọsàn rẹ̀ máa ń bọ́. Jíju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, ojú kan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀gá, ẹ bi ọmọ kíláàsì kejì yẹn fúnra rẹ̀ léèrè èyí tó wù ú. Ẹ má yàn án fún un.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ Màmá dùn, ṣùgbọ́n kò sí àpẹẹrẹ ọmọ tiwa níbẹ̀. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde! Lọ́dún 2022 ní Eugene, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi, kò sí obìnrin kankan láyé tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ipò tó gbà ní Dóhà lọ́dún 2019? Ìkẹrin. Ní Tókíò lọ́dún 2021 ńkọ́? Ìkẹrin náà. Ní ilé-ìwé tó ní ilé mẹ́rin, ìkẹrin ni ẹni tó kẹ́yìn. Ẹ sọ èyí fún wọn, ara wọn á yá gágá.

Màmá Fẹ̀yìntì

Ìkẹrin yẹn wọ̀ mí létí, ọmọ mi, o ṣeun. Ẹ̀rù kan ló ń bà mí. Ibi tí ìtàn yẹn parí sí ni wúrà. Bí Ọ̀gá bá sọ ọ́ tán, ohun tí ọmọ máa gbọ́ ni pé, "Fara da ìkẹrin lónìí, o máa ṣe kìíní lọ́la." Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ṣe kìíní láé nínú eré sísá, gbogbo ìka kò dọ́gba. Ìtàn Akhwari bá ohun tí Ọ̀gá ń wá mu jù, torí kò gba nǹkan kan ní ìparí rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá fẹ́ sọ ti Tobi, ibi tó ti ṣe ìkẹrin tó sì tún padà wá dúró lójú ìlà ni kí wọ́n dúró lé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo gbọ́, Màámi. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ohun tó burú nínú kí ọmọ máa retí àtiṣe kìíní o.

Tíṣà Eré

Ìyá Ìbejì, ìwé tí Kẹ́hìndé fi sílẹ̀ lórí àga kò jẹ́ kí n sùn. Mo yí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kan náà padà. Ohun tí Màmá fi há àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni kí Ọ̀gá dì mú, pé ẹni tó kẹ́yìn náà mú máàkì wá. Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń ka máàkì níbẹ̀?

Ọ̀gá Tuntun

Márùn-ún fún ẹni kìíní, mẹ́ta fún ẹni kejì, ọ̀kan fún ẹni kẹta. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Ẹni kẹrin kò ní nǹkan kan.

Tíṣà Eré

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ẹni kẹrin kò bá mú nǹkan kan wá, tíṣà tó ń bójú tó ilé kò ní fi ọmọ tó lọ́ra sílẹ̀ láti sáré. Á ní kó jókòó kó máa kọrin. Ẹ wá yí i padà sí mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, kí ojú ọ̀nà tí kò bá sẹ́ni níbẹ̀ jẹ́ òfo.

Ẹ wo eré mẹ́rin péré. Ilé Pupa ní akọni méjì, àwọn nìkan ló fi sílẹ̀: wọ́n ṣe kìíní nínú eré méjì, kò sẹ́ni wọn nínú méjì tó kù. Ilé Yẹ́lò fi ọmọ sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìkẹrin, ìkẹrin, ìkejì, ìkẹta. Ní kíkà ti tẹ́lẹ̀, Pupa ní 10, Yẹ́lò ní 4. Ní kíkà tuntun, Pupa ní 8, Yẹ́lò ní 7. Bí Pupa bá fi ẹnikẹ́ni sínú eré méjì tó kù yẹn, kódà kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé, 10 ni wọ́n máa ní. Tíṣà Ilé Pupa fúnra rẹ̀ ló máa wá lọ bẹ ọmọ tó lọ́ra kó jáde.

Ẹ pe àwọn tíṣà ilé jọ, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó ṣe àṣàyàn. Bí wọ́n bá ti yan àwọn tó máa sáré tán, ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́ náà ti pẹ́.

Bàbá Eléré

Mo ti ń kà á látàárọ̀. Ọmọbìnrin mi ń jí láago márùn-ún kó tó lọ sílé-ìwé. Ẹ wá ní ká fi máàkì kan ṣoṣo ya òun àti ẹni kejì sọ́tọ̀, kí ẹni tó rìn dé náà sì gba máàkì. Ṣé ẹ ò rí i pé àwọn tíṣà á kàn máa ti ọmọ tí kò fẹ́ jáde, nítorí máàkì? Ọmọ tí wọ́n tì jáde, ṣé òun ló kópa yẹn?

Tíṣà Eré

Ẹ sọ òótọ́, sà. Èmi gan-an ti rí tíṣà tó ti ọmọ lẹ́yìn sójú ìlà tí ọmọ ń sunkún. Kíkà nìkan kò lè dá ìyẹn dúró. Ní ti ọmọbìnrin yín, wọ́n lè fi mẹ́dàálì fún ẹni kìíní kí máàkì ilé dá dúró lọ́tọ̀, mẹ́dàálì yẹn tirẹ̀ nìkan ni. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn tẹ́ yín lọ́rùn.

Bàbá Eléré

Díẹ̀. Kì í ṣe tán.

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àárọ̀ láti ìhín. Ní ilé-ìwé ọmọ mi níbí, wọ́n kì í fi eré sísá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pín wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ bí ọmọ mẹ́jọ, wọ́n á ṣètò ibi mẹ́fà tàbí méje sórí pápá: níbí, wọ́n ń ju àpò ẹ̀wà sínú rọ́bà, lọ́hùn-ún wọ́n ń fo okùn. Bí fèrè bá fọn, gbogbo ẹgbẹ́ á ṣí lọ síbi tó kàn. Kò sẹ́ni tó ń dá nìkan sáré lójú èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń sáré díẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn kì í pé ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọmọ mi mọ ẹgbẹ́ tó ṣe kìíní kó tó délé, bẹ́ẹ̀ wọn ò kéde rẹ̀.

Ọ̀gá Tuntun

A ò ní tíṣà tó fún ibi méje, tíṣà mẹ́sàn-án la jẹ́ lápapọ̀. Mo lè fi ibi mẹ́ta ṣe é fún kíláàsì kìíní àti ìkejì láàárọ̀ kí àlejò tó dé. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Màá padà wá jábọ̀.

Ọ̀gá Tuntun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn tíṣà ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n gba kíkà tuntun, ẹnì kan ṣì ń kùn. Lọ́jọ́ náà, alága ayẹyẹ ò tíì dé láago mẹ́wàá. Mo ro ohun tí Màmá sọ nípa oòrùn, mi ò dúró dè é, mo sọ ọ̀rọ̀ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni. Nígbà tí mo pe tíṣà ìlà pé kó na ọwọ́ sókè, gbogbo orí yí síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà fúnra rẹ̀ ju ọwọ́ sí wọn, àwọn ọmọ hó yèè.

Nínú eré 80 mítà àwọn ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún, ọmọ Ilé Gíríìnì kan tẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ṣubú ní bí ìdajì ọ̀nà. Àwọn mẹ́ta ti dé. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo orúnkún rẹ̀. Tíṣà ìlà ò sáré lọ bá a, ó kàn na ọwọ́ síwájú, ó ní, "Èmi rèé o." Ọmọ náà dìde, ó ń tiro bọ̀, Ilé Pupa ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ kí Gíríìnì tó gbà á. Ìyá rẹ̀ ń sunkún lábẹ́ kánópì. Èmi náà ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ bẹ́ẹ̀. Olótùú ètò tá a háyà kò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Nínú eré àpò, ó pariwo lórí gbohùngbohùn pé, "Ẹni ìkẹyìn, ṣé o sùn ni?" Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a, ó tọrọ àforíjì, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ náà ni. Alága dé láago méjìlá, ó ní ẹni tó bá ṣe kìíní nìkan lòun máa fún lówó. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá àgbà lẹ́kun níwájú èèyàn.

Ọmọ kíláàsì kejì tí mo sọ nípa rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin sínú agbọ̀n nínú márùn-ún.

Àwọn mẹ́ta ọdún tó kọjá ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí. Méjì jáde. Ẹni kẹta wọ aṣọ ilé rẹ̀, ó jókòó, kò jáde.

Màmá Fẹ̀yìntì

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Olótùú ètò ni kí ẹ kọ́kọ́ pè lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ jọ jókòó kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín. Ní ti alága, èmi náà kò rí ọ̀nà rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún kan mo bẹ ìyàwó alága kó bá mi sọ ọ́ fún un nílé, ó gbọ́. Lọ́dún kejì kò gbọ́.

Ẹni kẹta yẹn, ẹ má bi í léèrè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ o.

Ọ̀gá Tuntun

Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣíbí onírin tí wọ́n fi ń ṣe eré ọsàn yẹn ń yọ̀. Ṣé ẹ lè ra onígi lọ́dún tó ń bọ̀?"